Ìbéèrè àti ìdáhùn: bí a ṣe ń túmọ̀ `shall`, `should` àti `may` tí àṣẹ inú wọn ò fi ní rọ̀, tí ò sì ní le ju bó ṣe yẹ lọ

Kí ni `shall`, `should` àti `may` ń sọ gan-an nínú ìwé sípẹ́sífíkéṣọ̀n?

Sípẹ́sífíkéṣọ̀n ni ìwé tó sọ bí iṣẹ́ kan ṣe máa rí kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Nínú ẹ̀, `shall` jẹ́ ọ̀ranyàn, ẹni tí kò bá ṣe é kò tíì ṣe iṣẹ́. `should` jẹ́ ìmọ̀ràn tó wúwo, èèyàn lè yà kúrò níbẹ̀ àmọ́ ó máa ní ìdí tó máa sọ. `may` jẹ́ àyè, ó ṣe é o, kò ṣe é o, kò sẹ́ni tó máa bi í.

Èmi máa ń bi gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè kan kí n tó túmọ̀ ẹ̀: "tí kò bá ṣe é ńkọ́?" Tí ìdáhùn bá jẹ́ "a ò ní gba iṣẹ́ náà", `shall` nìyẹn. Tó bá jẹ́ "kó wá ṣàlàyé", `should` ni. Tó bá jẹ́ "kò sí nǹkan kan", `may` ni. Ìdáhùn yẹn lò ń túmọ̀, torí náà tí bàbá kan tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá bá ka Yorùbá tó o kọ, ìdáhùn kan náà ló gbọ́dọ̀ fún ẹ.

Àpẹẹrẹ tí mo máa lò látòkè délẹ̀ wá látinú ìwé bọ́hóòlù sólà tí mo túmọ̀ fún kọmítí omi ìlú kan láàárín Kábbà sí Ìsánlú níbí. Àwọn àgbà ìlú ló máa fọwọ́ sí i, àwọn náà ló sì máa dúró ti kọ́ńtíráktọ̀ níbi iṣẹ́, ìdí nìyẹn tó fi di dandan pé kí Yorùbá ẹ̀ péye.

Ta ló fi ìtumọ̀ yẹn lélẹ̀, àbí olúkúlùkù ló ń sọ tiẹ̀?

Ìwé méjì ló gbajúmọ̀ jù. Fún iṣẹ́ ìńtánẹ́ẹ̀tì, RFC 2119 tí Scott Bradner kọ ní 1997 ló sọ ohun tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí, RFC 8174 tó jáde ní 2017 sì fi kún un pé ìgbà tí wọ́n bá fi lẹ́tà ńlá kọ wọ́n nìkan ni wọ́n ní ìtumọ̀ àkànṣe yẹn. Fún sítáńdáàdì àwọn nǹkan bíi páìpù, wáyà àti ẹ̀rọ, ìwé ISO/IEC Directives apá kejì ló ń darí àwọn tó ń kọ ọ́, lẹ́tà kékeré sì ni wọ́n ń lò níbẹ̀.

Wọn ò bára mu délẹ̀ o. Nínú RFC 2119, `must` àti `shall` jẹ́ ọ̀kan náà. Nínú ti ISO, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fi `must` rọ́pò `shall`. Nítorí náà kó o tó bẹ̀rẹ̀, wo ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé tó wà lọ́wọ́ ẹ kó o mọ èyí tó ń tẹ̀ lé, torí ìwé míì á kàn sọ ìtumọ̀ tiẹ̀ fúnra ẹ̀.

Ṣebí `shall` ni "yóò" tàbí "máa"? Ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé nìyẹn.

Nílé ìwé, bẹ́ẹ̀ ni. Nínú sípẹ́sífíkéṣọ̀n, rárá, èmi gan-an sì ti ṣe àṣìṣe yẹn. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì fi `shall` sọ pé kí wọ́n po sìmẹ́ńtì, kí wọ́n fi dí àyè tó wà láàárín páìpù àti ilẹ̀, láti ojú ilẹ̀ lọ sí mítà 6 nísàlẹ̀. Mo kọ ọ́ pé "kọ́ńtíráktọ̀ yóò fi sìmẹ́ńtì dí ẹ̀gbẹ́ páìpù dé mítà 6." Ó dùn lẹ́nu, ó mọ́, mo sì rò pé mo ti ṣe é dáadáa.

Nígbà tí mo kà á fún kọmítí, mo bi ìyá kan tó jẹ́ akápò wọn pé tí kò bá ṣe é ńkọ́, ó ní "á jẹ́ pé ó parọ́ nìyẹn." Gbọ́ ohun tó sọ yẹn dáadáa o. Ìlérí ló gbọ́. "Yóò" ń sọ ohun tó ń bọ̀, bíi "òjò yóò rọ̀ lọ́la", ẹni tó sọ ọ́ tí kò sì rí bẹ́ẹ̀ kàn ṣàṣìṣe tàbí ó parọ́ ni, kò sí nínú ọ̀rọ̀ yẹn pé iṣẹ́ kò pé àti pé owó kò tíì tọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ sì ni sìmẹ́ńtì yẹn ló ń dènà kí omi ẹlẹ́gbin ojú ilẹ̀ má bàa gba ẹ̀gbẹ́ páìpù ṣàn wọnú kànga.

Mo yí i sí "ẹ̀gbẹ́ páìpù gbọ́dọ̀ jẹ́ dídí pẹ̀lú sìmẹ́ńtì", kò dùn, Yorùbá kankan kì í sọ̀rọ̀ báyẹn, mo tún un ṣe: "kọ́ńtíráktọ̀ gbọ́dọ̀ fi sìmẹ́ńtì dí ẹ̀gbẹ́ páìpù láti ojú ilẹ̀ títí dé mítà 6." Mo tún bi ìyá yẹn léèrè, ó ní "a ò ní sanwó fún un."

"Gbọ́dọ̀" àbí "ní láti", èwo ló dáa jù fún `shall`?

Gbọ́dọ̀. Èmi ti fi "ní láti" sílẹ̀ pátápátá nínú irú ìwé yìí, ìdí méjì ló sì fà á.

Àkọ́kọ́, "ó ní láti jẹ́ pé" ń sọ ohun tí èèyàn rò. "Ó ní láti jẹ́ pé pọ́ǹpù ti bàjẹ́" kò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Ìkejì ló burú jù, ìyẹn tí ọ̀rọ̀ bá di "kò". "Kò ní láti lo irin" túmọ̀ sí pé kò pọn dandan kó lo irin, "kò ní lo irin" sì túmọ̀ sí pé irin kọ́ ló máa lò. Ọ̀rọ̀ kékeré kan péré, "láti", ló pààlà sáàárín àyè àti ohun tó jọ òfin, ẹni tó ń fi ìkánjú tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù sì lè gbójú fò ó.

Àwọn àgbà ní "gbọ́dọ̀" kò ní ọ̀wọ̀, pé mi ò lè máa sọ bẹ́ẹ̀ sí wọn. Kí ni kí n ṣe?

Òótọ́ ni wọ́n sọ, mi ò sì ní gbà ẹ́ nímọ̀ràn kó o bá wọn jiyàn. "Ẹ gbọ́dọ̀ tilẹ̀kùn ilé pọ́ǹpù lálaalẹ́" látẹnu ọmọdé sí àgbà kò bójú mu. Àmọ́ tó o bá wá sọ ọ́ di "ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá wa máa tilẹ̀kùn", àṣẹ ti lọ, ẹ̀bẹ̀ ló kù, ẹ̀bẹ̀ kò sì ṣeé fi yẹ iṣẹ́ wò.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń gbé "gbọ́dọ̀" sórí nǹkan dípò èèyàn: "ilẹ̀kùn ilé pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ wà ní títì láti aago 7 alẹ́." Kò sẹ́ni tí mo na ìka sí, ọ̀ranyàn sì wà níbẹ̀ digbí. Kìkì ibi tí ó bá ti pọn dandan kí a mọ ẹni tí iṣẹ́ wà lọ́rùn ẹ̀ ni mo ti ń dárúkọ ipò, bíi kọ́ńtíráktọ̀ tàbí akọ̀wé kọmítí.

"Ó yẹ kí" fún `should`, ṣé kò rọ̀ jù ni, àbí ó le jù?

Ó lè jẹ́ méjèèjì, ohùn ẹni tó ń sọ ọ́ ló ń pinnu. Tí bàbá ẹ bá sọ pé "ó yẹ kó o lọ kí ẹ̀gbọ́n ẹ", o mọ̀ pé àṣẹ ni. Tí ọ̀rẹ́ ẹ bá sọ ọ́, àbá ni. Tá a bá sì ní "ó yẹ kí mọ́tò ti dé báyìí", àṣẹ tàbí àbá kọ́, ohun tá à ń retí ni. Inú ìwé kò sí ohùn, nítorí náà òǹkàwé á fi ohùn tó bá wù ú kà á.

Ibi tó ti dun kọmítí wa nìyí. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì fi `should` sọ pé kí wọ́n fa omi kànga náà fún wákàtí 24 láìdúró kí wọ́n fi mọ iye omi tó ń wá. Ẹni tó túmọ̀ ẹ̀ ṣáájú mi kọ "gbọ́dọ̀". Ilẹ̀ tiwa níhìn-ín, orí àpáta àtayébáyé la wà, inú iyẹ̀pẹ̀ tó bo àpáta àti inú ibi tí àpáta ti sán ni omi ń gbé, kò rí bí ilẹ̀ oníyanrìn. Nígbà tó di wákàtí kẹsàn-án, omi ti lọ sílẹ̀ débi tí pọ́ǹpù wà, íńjíníà pa á kó má bàa jóná, ó kọ wákàtí àti ìwọ̀n omi sílẹ̀, ó kọ ìdí ẹ̀, ó sì ní kí wọ́n gbé pọ́ǹpù kékeré síbẹ̀. Ohun tí `should` ní kó ṣe gẹ́lẹ́ ló ṣe. Kọmítí ò sanwó, wọ́n ní wákàtí 24 ni ìwé sọ, wọ́n sì jẹ̀bi láìmọ̀ torí Yorùbá tí wọ́n fún wọn ló ṣì wọ́n lọ́nà, ó tó oṣù méjì kí ọ̀rọ̀ yẹn tó yanjú.

Ohun tí RFC 2119 sọ nípa `should` ni pé ìdí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lè wà láti má ṣe nǹkan náà, àmọ́ èèyàn gbọ́dọ̀ mọ ohun tó máa tẹ̀yìn ẹ̀ yọ, kó sì gbé e yẹ̀ wò dáadáa kó tó yà. Torí náà mo fi "ó yẹ kí" sílẹ̀ bó ṣe wà, mo wá kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ pé: "Níbikíbi tí ìwé yìí bá ti sọ pé ó yẹ kí, ìmọ̀ràn ni. Ẹni tí kò bá tẹ̀ lé e gbọ́dọ̀ sọ ìdí ẹ̀, ìdí náà sì gbọ́dọ̀ wà lákọsílẹ̀." Gbólóhùn kejì yẹn, tiwa ni, kò sí lẹ́tà-fún-lẹ́tà nínú RFC, íńjíníà àti kọmítí ló jọ fẹnu kò sí i. Tí irú ẹ̀ ò bá sí nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì tìẹ, má dá a fi kún un, lọ bá ẹni tó kọ ìwé kó fi síbẹ̀.

`may` ńkọ́? "Lè" kò tó ni?

Ó tó níbi púpọ̀, kò tó níbi díẹ̀. "Kọ́ńtíráktọ̀ lè lo páìpù PVC tàbí ti irin" yé gbogbo èèyàn, torí pé nǹkan méjì wà níbẹ̀ tó máa mú nínú ẹ̀. Ibi tó ti ń dàrú ni ibi tó jẹ́ nǹkan kan ṣoṣo: "kọ́ńtíráktọ̀ lè gbẹ́ kànga lóru." Ṣé ó lágbára ẹ̀ ni, àbí ó ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀, àbí a gbà fún un? Níbẹ̀, mo máa ń kọ "a gbà kí kọ́ńtíráktọ̀ gbẹ́ kànga lóru." Ẹnu ò ní kò lórí ẹ̀ mọ́.

Má fi "tó bá wù ú" kún un. Mo ti rí i nínú ìwé tó pọ̀, ó dà bí ìgbà tí àwa tó kọ̀wé ń bínú.

Kí ló wá yàtọ̀ láàárín `may` àti `can`?

Nínú ISO, `may` ni àyè tí ìwé fún èèyàn, `can` ni ohun tó ṣeé ṣe tàbí tí nǹkan lágbára láti ṣe. Gbólóhùn tó sọ pé omi kànga `can` lọ sílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò fún omi láyè kankan. "Omi lè lọ sílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn" ni kó o kọ, tí ìwé kan bá sì ní méjèèjì, fi "lè" sílẹ̀ fún `can`, kó o sì fi "a gbà kí" sílẹ̀ fún `may` jálẹ̀ ìwé náà. Bí àwọn méjèèjì bá ti ní ọ̀rọ̀ tiwọn, wàhálà tán.

Tí "not" bá wọ̀ ọ́ ńkọ́? Ibẹ̀ ló máa ń dàrú mọ́ mi lójú.

Ibẹ̀ ló ń dàrú mọ́ gbogbo wa lójú, nítorí náà mo máa rọra gbà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. `shall not` ló rọrùn jù: "kò gbọdọ̀". "Kànga kò gbọdọ̀ sún mọ́ ṣáláńgá ju mítà 30 lọ" kò ní ìtumọ̀ méjì.

`should not` ló ní pàkúté. Ọwọ́ èèyàn á lọ sí "kò yẹ kí", àmọ́ lẹ́tí wa, "kò yẹ" wúwo ju "ó yẹ" lọ. "Kò yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀" jẹ́ ìbáwí, ẹni tí wọ́n sọ ọ́ sí ti hu ìwà tí kò dáa. Kọmítí tó bá ka "kò yẹ kí wọ́n gbẹ́ kànga nígbà òjò" á ka kọ́ńtíráktọ̀ tó gbẹ́ ẹ ní oṣù keje sí ẹlẹ́ṣẹ̀, nígbà tó sì jẹ́ pé ìmọ̀ràn lásán ni, torí pé omi máa ń pọ̀ nígbà òjò, kànga tí kò jìn tó sì lè dà bí ẹni pé ó jìn tó. Gbé "má" wọ inú gbólóhùn: "ó yẹ kí wọ́n má gbẹ́ kànga nígbà òjò." Ó ti padà di ìmọ̀ràn.

`may not` ló ń ṣi àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá lọ́nà, torí ó lè jẹ́ ìkàléèwọ̀, ó sì lè jẹ́ pé nǹkan lè má ṣẹlẹ̀. Yorùbá ń ya méjèèjì sọ́tọ̀, ìyẹn sì dáa, àmọ́ ìwọ ló máa yan ọ̀kan. Bi ẹni tó kọ ìwé léèrè. Tó bá ní ìkàléèwọ̀ ni, kọ "kò gbọdọ̀". Tó bá ní nǹkan lè má rí bẹ́ẹ̀ ni, kọ "lè má": "omi lè má tó ní oṣù kẹta." Má ṣe kọ "kò lè" fún èyíkéyìí nínú wọn, "kò lè" ni pé agbára ò sí.

Mi ò kì í fi àmì sí orí ọ̀rọ̀ lórí fóònù mi, gbogbo èèyàn ṣáà ń kà á. Ṣé ó burú tó bẹ́ẹ̀?

Fún wọ́sáàpù, kò burú. Fún sípẹ́sífíkéṣọ̀n, ó burú gan, jọ̀ọ́. Kọ "kọ́ńtíráktọ̀ kó dán omi wò" láìsí àmì kankan, kó o wá bi ẹlòmíì pé kí ló rí. Ó lè rí "kó dán an wò", ó sì lè rí "kò dán an wò". Àṣẹ àti ẹ̀sùn, lẹ́tà méjì kan náà, `ko`. Kò sí irú ewu yìí nínú `shall` rárá, èdè tiwa ló ni ín, àwa la sì máa ṣọ́ ọ.

Tí ìwé bá máa gba orí fóònù tí kò ní àmì kọjá, má lo "kó" fún àṣẹ kankan, "gbọ́dọ̀" ni kó o lò torí pé kódà `gbodo` láìsí àmì ṣì ṣeé dá mọ̀. Mi ò sì fi "kí" nìkan dúró fún `shall` rárá, torí "kí wọ́n dán omi wò" lè jẹ́ àṣẹ, ó lè jẹ́ àdúrà, ó sì lè jẹ́ ìtọ́ni lásán.

`must` inú ìwé ISO ńkọ́, ṣé "gbọ́dọ̀" náà ni?

ISO ń lo `must` fún ohun tó wá látìta, bí òfin ìjọba tàbí ohun tí àdánidá fi lélẹ̀, ìwé náà fúnra ẹ̀ kọ́ ló pa á láṣẹ. Bó o bá kọ "gbọ́dọ̀" síbẹ̀, ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wò á kà á mọ́ ọ̀ranyàn inú ìwé. Mo máa ń sọ ibi tó ti wá: "òfin sọ pé dandan ni kí..." Ó gùn díẹ̀, kò sì burú, torí kì í pọ̀ nínú ìwé.

Gbólóhùn tí kò ní ìkankan nínú wọn ńkọ́? "Táńkì náà ń gba lítà 10,000", ṣé kí n fi "gbọ́dọ̀" sí i?

Má fi sí i. Àpèjúwe ni. Ó máa ń wu èèyàn láti fi "gbọ́dọ̀" sí i kí ìwé lè le, àmọ́ o ti dá ọ̀ranyàn tuntun sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ sí nìyẹn. Tó o bá rò pé ẹni tó kọ ọ́ gbàgbé, kọ ìbéèrè sí i, kó o dúró de èsì.

Báwo ni mo ṣe lè yẹ ìwé gígùn wò pé mi ò fo ìkankan?

Kà wọ́n. Iye `shall` inú Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú `may not` tó bá jẹ́ ìkàléèwọ̀, gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú iye "gbọ́dọ̀" àti "kò gbọdọ̀" lápapọ̀ nínú Yorùbá. Lórí kọ̀ǹpútà Línúùsì:

```
uconv -x any-nfc yoruba.txt > y.txt
grep -oiw "shall" english.txt | wc -l
grep -o "gbọ́dọ̀" y.txt | wc -l
grep -oi "kò gbọdọ̀" y.txt | wc -l
```

Ìlà àkọ́kọ́ ṣe pàtàkì, má fò ó. Lẹ́tà ọ́ tó ní àmì lókè àti ní ìsàlẹ̀ kò ní kóòdù ẹyọ kan, kíbọ́ọ̀dù kan lè kọ́kọ́ tẹ àmì òkè, òmíràn á kọ́kọ́ tẹ ti ìsàlẹ̀, ojú ò lè rí ìyàtọ̀ ẹ̀ àmọ́ `grep` rí i, á sì sọ fún ẹ pé òdo ni. `uconv` ló ń tò wọ́n sí ọ̀nà kan náà. Tí iye méjèèjì ò bá dọ́gba, lọ síbẹ̀ ní ìpín kọ̀ọ̀kan. Tó bá sì dọ́gba, ìyẹn ò tíì sọ pé ó pé o, torí o lè ti fo ọ̀kan kó o sì fi ọ̀kan kún ibòmíì, torí náà mú nǹkan bíi gbólóhùn mẹ́wàá fún ẹni tí kò rí Gẹ̀ẹ́sì náà, kó o bi í pé "tí kò bá ṣe é ńkọ́?"

Bí Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá bá ta kora nígbà tí ìjà ti dé, èwo ló borí?

Èyí tí ìwé fúnra ẹ̀ bá sọ ni. Kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí i. Nínú èyí tí mo ṣe gbẹ̀yìn, a kọ pé Gẹ̀ẹ́sì ló borí ní ti ìwọ̀n àti nọ́ńbà, pé tí Yorùbá bá sì le ju Gẹ̀ẹ́sì lọ tàbí ó rọ̀ jù ú lọ níbì kan, kí wọ́n dá iṣẹ́ ibẹ̀ nìkan dúró, kí kọmítí àti íńjíníà jókòó, kí wọ́n tún gbólóhùn yẹn kọ ní èdè méjèèjì, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀ẹ̀mejì la ti lò ó. Ìgbà méjèèjì, `should` ló fà á.